Òkúta Kírísítálì àti Ẹdùn Àrá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ohun Tí Àwọn Onígbàgbọ́ Ń Sọ àti Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn

Òkúta tí wọ́n ń pè ní kúọ́ọ̀sì ni ojú ìwé yìí dá lé jù, nítorí pé òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkúta ìwòsàn, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ti dán wò lọ́nà tó ṣe é tẹ̀ lé. Ẹdùn àrá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Yorùbá kan kò lè sọ̀rọ̀ òkúta àti ẹ̀sìn kó fò ó.

Kí ni kírísítálì, kí sì ni kúọ́ọ̀sì?

Kírísítálì ni ohun líle èyíkéyìí tí àwọn èérún tín-tìn-tín tó para pọ̀ dá a tò létòlétò, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò ní igun kan náà ni wọ́n ṣe tò ní gbogbo ara rẹ̀. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ jẹ́ kírísítálì, ṣúgà náà sì jẹ́ ọ̀kan. Kúọ́ọ̀sì ni èyí tí sílíkọ́nì àti ọ́síjìn para pọ̀ dá, èròjà kan náà tó pọ̀ nínú yanrìn odò. Kì í ṣe àjèjì sí wa rárá: òkúta funfun tó máa ń dán nínú ilẹ̀ pupa níbi tí kátakátá bá ti gé òkè láti la ọ̀nà, kúọ́ọ̀sì ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tilẹ̀ gbẹ́ ẹ ní àga, iṣẹ́ tó le gan-an nítorí bí òkúta náà ṣe yi tó, ọ̀kan lára àwọn àga wọ̀nyí sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Kí ni àwọn tó gbà á gbọ́ sọ pé ó ń ṣe?

Wọ́n ní kúọ́ọ̀sì tó mọ́ gaara bí omi máa ń sọ èrò ọkàn ẹni tó bá mú un dání di alágbára. Èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá fún ìfẹ́, amẹ́tísìtì aláwọ̀ elése àlùkò wà fún oorun àti ìfọ̀kànbalẹ̀, sítíríìnì olómi ọsàn sì wà fún owó. Ọ̀nà ìlò rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ: ẹni náà á dì í mú bó ṣe ń ṣe àṣàrò, tàbí kó dùbúlẹ̀ kí wọ́n tò ó sí ibùdó méje lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé àtàrí, tàbí kó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn ìlò, wọ́n á fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì gbé e síta lálẹ́ òṣùpá kí agbára rẹ̀ lè padà. Àwọn kan máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sí i kí wọ́n tó lò ó, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń pe ọfọ̀ sí nǹkan nílẹ̀ wa kò ní rí èyí bí ohun tuntun.

Ṣé ìmọ̀ àtijọ́ ni lóòótọ́?

Ìfẹ́ tí ọmọ ènìyàn ní sí òkúta tó ń dán ti pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ń tà lónìí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibùdó méje tí wọ́n ń tò ó sí wá láti inú ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé ìwọ̀ oòrùn ayé ní ọ̀rúndún 20 ló fi àwọ̀ òṣùmàrè fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì wá òkúta tó bá àwọ̀ náà mu. Láàárín ọdún 1970 sí 1990 ni ìlò yìí gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní Kalifọ́níà, kó tó wọ ọjà orí ẹ̀rọ ayélujára tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé tábìlì àwọ̀ àti òkúta tó wà lọ́wọ́ òun ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún sẹ́yìn ń ṣe àsọdùn.

Wọ́n ṣáà ń fi kúọ́ọ̀sì ṣe aago. Ṣé kì í ṣe pé iná wà nínú rẹ̀?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì fi ń mú ènìyàn. Ní ọdún 1880, Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ṣàwárí ní Párísì pé tí a bá tẹ kúọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún fi hàn pé tí a bá fún un ní iná, òun náà á yí díẹ̀ kúrò bó ṣe wà. Èyí ni aago ọwọ́ ń lò. Wọ́n gé kúọ́ọ̀sì kékeré kan bí fọ́ọ̀kì oníka méjì, bátìrì ń fún un ní iná, ó sì ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ inú aago ń ka ìgbọ̀nrìrì náà, nígbà tó bá pé iye yẹn ni ọwọ́ aago á sún.

Ẹ wo ibi tí agbára ti ń wá. Ẹ yọ bátìrì kúrò, aago yóò dúró, bẹ́ẹ̀ kúọ́ọ̀sì ṣì wà nínú rẹ̀ láìfọ́. Òkúta náà kò ní àpò tó ń kó iná sí. Iná tí a fi sí i tàbí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí a ṣe sí i nìkan ló ń dáhùn sí. Èyí tó jókòó lórí tábìlì kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́, èyí tí ẹ sì fún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yóò yọ ìwọ̀n iná tó kéré jọjọ, tí yóò sì pòórá lójú ẹsẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ kan tó tíì fi hàn pé ohunkóhun ń ṣàn láti inú òkúta tó dúró jẹ́ẹ́ lọ sínú ara ẹni tó mú un dání ju ooru àti òtútù lásán lọ.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti dán an wò?

Ìdánwò tí wọ́n mọ̀ jù lọ ni èyí tí Christopher French, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Goldsmiths ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì gbé kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti Bìrìtéènì ní Glasgow ní ọdún 2001. Àwọn ènìyàn 80 ló yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ní kí oníkálukú di òkúta mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún bó ṣe ń ṣe àṣàrò, kó sì sọ ohun tí ara rẹ̀ gbọ́ lẹ́yìn náà. Ohun tí wọn kò sọ fún wọn ni pé kúọ́ọ̀sì gidi ni wọ́n fún àwọn kan, ayédèrú ni wọ́n sì fún àwọn yòókù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, wọ́n ti sọ fún ìdajì nínú wọn irú nǹkan tí wọ́n lè máa retí: kí ọwọ́ máa ta, kí ara móoru, kí ọkàn fúyẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ nǹkan lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó di ayédèrú mú gbọ́ irú ohun tí àwọn tó di ojúlówó mú gbọ́, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ṣáájú, nítorí àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé ọwọ́ yóò máa ta ló sọ jù pé ọwọ́ àwọn ń ta.

Ìdánwò yìí ní ààlà tirẹ̀. Ènìyàn 80 kò pọ̀, ìpàdé ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀, kì í sì í ṣe àìsàn ni wọ́n fi òkúta náà wò. Síbẹ̀, mo fara mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí pé ó bi ìbéèrè tó yẹ kí a bi: tí a bá pa òkúta dà láìjẹ́ kí ẹni tó mú un mọ̀, ṣé ohun tó ń gbọ́ lára yóò yí padà? Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ẹ wá kúọ́ọ̀sì kan àti ègé gíláàsì tó bá a dọ́gba, kí ẹnìkan dì wọ́n sínú aṣọ tó nípọn, kí ó máa fún yín ní ọ̀kan lẹ́yìn èkejì nípa jíju owó ẹyọ, kí ẹni kẹta tí kò mọ èyí tó wà nínú aṣọ sì máa kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó ní ìgbà 20, ẹni tó ń méfò lásán yóò gbà á tó 10. Tí ẹ bá gba 11 tàbí 12, ìméfò náà ni.

Kí ló dé tí ẹ fi ní kí wọ́n dì í sínú aṣọ?

Nítorí pé kúọ́ọ̀sì tútù ju gíláàsì lọ, òtútù yìí sì ni mo rò pé ó fa apá kan ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní agbára rẹ̀. Méjèèjì wà nínú yàrá kan náà, ooru kan náà ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n ooru máa ń gba inú kúọ́ọ̀sì kọjá ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju bó ṣe ń gba inú gíláàsì kọjá, ó sì fi ń yára gba ooru kúrò lára awọ ara. Ẹ fi òkúta náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ọ̀sán gangan, ẹ ó gbọ́ ọ bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú àmù, òtútù náà á sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Gíláàsì á tutù lákọ̀ọ́kọ́, á sì yára lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ohun kejì ni pé ọwọ́ tí a kò gbé kúrò lójú kan, tí a sì fi gbogbo ọkàn sí, máa ń ta fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lù nínú ìka, èyí tí a kì í kíyè sí lójoojúmọ́, máa ń hàn kedere tí ilé bá dákẹ́. Ẹni tó ní ọwọ́ òun ń ta kò purọ́. Ibi tó gbé orísun rẹ̀ sí ni ẹ̀rí kò ti tì í lẹ́yìn.

Tí ara bá ṣáà fúyẹ́, kí ló burú níbẹ̀?

Kò sí ohun tó burú nínú kí ara fúyẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, tí fóònù wà nínú yàrá mìíràn, tí ó sì ń mí lélẹ̀, yóò tu u lára, yálà òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Ìrètí náà sì ní agbára tirẹ̀. Ní ọdún 2010, Ted Kaptchuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 80 tí inú rírun kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, wọ́n sì sọ fún wọn lójú kòrókòró pé kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpín 59 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ara ti tu àwọn, nígbà tó jẹ́ ìpín 35 nínú àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan.

Irú àǹfààní yìí ní ibi tí ó mọ, àmọ́. Ó máa ń hàn nínú ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń gbọ́ lára: ìrora, àárẹ̀, èébì tó ń gbé ni, àìsùn. Kì í pa kòkòrò ibà, kì í sì í mú kókó ọyàn súnkì. Ẹni tó bá ta òkúta fún ìfọ̀kànbalẹ̀, mi ò bá a jà. Ẹni tó bá tà á fún jẹjẹrẹ ń fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòwò.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ amẹ́tísìtì àti sítíríìnì ni kí ẹ fi ro èyí. Kúọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì. Irin díẹ̀ tó wà nínú amẹ́tísìtì, pẹ̀lú ìtànṣán tó ń ti inú àpáta yọ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló fún un ní àwọ̀ elése àlùkò. Tí wọ́n bá gbé e sínú iná ààrò tó tó nǹkan bí 450 tàbí 500 lórí òṣùwọ̀n sẹ́lísíọ́sì, àwọ̀ náà á yí padà di olómi ọsàn, èyí sì ni orísun ọ̀pọ̀ jù lọ sítíríìnì tó wà lọ́jà. Gúúsù Bùràsíìlì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Sítíríìnì tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dá wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà jinlẹ̀ tó ti inú ààrò. Nítorí náà, òkúta tó wà fún oorun lówùúrọ̀ Ajé ti di òkúta owó kó tó di ọjọ́ Ọjọ́rú, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó rà á máà mọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tà á tó dáhùn ìbéèrè yìí tó tẹ́ mi lọ́rùn: ìgbà wo gan-an ni iṣẹ́ òkúta náà yí padà nínú iná?

Oòrùn náà ń ba amẹ́tísìtì jẹ́. Ẹni tó bá ń gbé e sí ojú fèrèsé kí oòrùn lè fún un lágbára yóò rí i pé ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Ẹdùn àrá ńkọ́? Ṣé láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́?

Àwọn olùsìn Ṣàngó gbà pé Ṣàngó ló ń sọ ọ́ láti òkè nígbà tí àrá bá sán. Tí àrá bá ba ilé jẹ́, àwọn mọ́gbà ló ń wá ṣe ètùtù, àwọn náà ló sì ń wá òkúta náà jáde nínú ilẹ̀. Lójúbọ, inú ọpọ́n igi ni ẹdùn àrá ń gbé, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, a sì máa ń fi epo pa á. Ètò yìí kò yí padà púpọ̀ nígbà tó rékọjá òkun: ní Kúbà àti Bùràsíìlì, ọpọ́n igi lórí odó ni òkúta Ṣàngó ṣì ń gbé, wọ́n sì ń pè é ní òkúta mànàmáná ní èdè wọn.

Tí ẹ bá gbé ẹdùn àrá gidi sọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ kan mú, ìdí rẹ̀ pọ́n róbótó, ara rẹ̀ sì ń dán. Ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó tò lọ sí ọ̀nà kan náà nítòsí ẹnu rẹ̀. Ipa ìpọ́n ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àáké àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kó tó di pé wọ́n mọ irin í yọ́: wọ́n á já òkúta líle, wọ́n á fi omi àti yanrìn pọ́n ọn lórí àpáta títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mú, wọ́n á sì fi èèkù igi sí i. Nígbà tí Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ní ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1965, irú àáké bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ìpele ilẹ̀ tó wà lókè, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò, ọjọ́ orí wọn sì lé ní 4,000 ọdún.

Ibi tí àrá ti wọ ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti rí. Òjò ńlá tó bá àrá wá máa ń gbá ilẹ̀ lọ, ohun tó ti sin sábẹ́ ebè á sì yọrí. Àgbẹ̀ tó bá dé oko ní ọjọ́ kejì, tó rí òkúta dídán tí kò jọ òkúta kankan ní àyíká, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó, kí ni kó rò? Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù náà gbà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún pé irú àáké yìí já bọ́ pẹ̀lú àrá, wọ́n sì ń fi pamọ́ sínú ilé kí àrá má baà sán lù ú. Ní ọdún 1723, ní Párísì, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine de Jussieu, fi wọ́n wé irinṣẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láti fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n.

Mànàmáná fúnra rẹ̀ ń dá òkúta, ṣùgbọ́n kò jọ àáké. Ooru rẹ̀ lè tó 30,000 lórí òṣùwọ̀n sẹ́lísíọ́sì, tó bá sì bọ́ sínú yanrìn, á yọ́ ọ di gíláàsì gbọọrọ, oníhò nínú, tí ara rẹ̀ rí gbàǹdù-gbàǹdù bí gbòǹgbò, tó sì rọrùn láti fọ́.

Ṣé èyí wá sọ ẹdùn àrá di ohun lásán ni?

Ìwádìí sọ ẹni tó ṣe òkúta náà àti bó ṣe ṣe é. Kò sọ ohun tó yẹ kí olùsìn fi ṣe lójúbọ, mi ò sì rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹdùn àrá àti òkúta orí ẹ̀rọ ayélujára: ẹni tó ń bọ Ṣàngó kò sọ pé òkúta náà ń mú oorun wá bí oògùn, àmì òrìṣà ni, ìbúra ń wáyé lórí rẹ̀, ìdílé sì ń jogún rẹ̀. Ohun tí a lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n nìkan ni ìdánwò bíi ti Goldsmiths lè dá sí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ kúọ́ọ̀sì gidi?

Òtútù ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a ti sọ ni ìdánwò kìn-ín-ní. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo inú rẹ̀: tí ẹ bá rí ìfófó róbótó-róbótó, gíláàsì ni. Kúọ́ọ̀sì máa ń ha ìgò dáadáa, tí ó fi máa ní ojú ọgbẹ́ tí èékánná ń kọ́. Gíláàsì kì í ha gíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó rí róbótó bí bọ́ọ̀lù ni, ẹ gbé e lé orí fọ́nrán òwú kan kí ẹ sì máa yí i, òwú náà yóò di méjì lójú yín ní àwọn ìhà kan tó bá jẹ́ kúọ́ọ̀sì. Gbogbo ìdánwò wọ̀nyí ni kúọ́ọ̀sì tí wọ́n hù nínú ìkòkò irin ní ilé iṣẹ́ yóò yege, nítorí pé kúọ́ọ̀sì gidi náà ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń hù ú, òun ló sì wà nínú aago yín.

Mo rí àwọn tó ń fi òkúta sínú omi mu. Ṣé kò léwu?

Ó sinmi lórí òkúta náà, àwọn tó ń tà á kì í sì í ya èyí sọ́tọ̀. Kúọ́ọ̀sì tó mọ́ kì í yọ́ sínú omi. Bàbà ló wà nínú málákáìtì aláwọ̀ ewé, ó sì ń tú sínú ohun kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Gàlẹ́nà, òkúta dúdú tó ń kọ mànà bí irin, òjé ló kún inú rẹ̀, òun gan-an sì ni wọ́n ń lọ̀ di tìróò tí ẹ mọ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìsí ìrora tí yóò fi ta wọ́n lólobó. Ní ọdún 2010, ní Sámfárà, àwọn tó ń lọ òkúta nítorí wúrà nínú agbo ilé jẹ́ kí eruku tó ní òjé bo ibi tí àwọn ọmọ ń ṣeré, àwọn ọmọ tó kú sì lé ní 400. Ẹ má ṣe fi òkúta tí ẹ kò mọ̀ sínú omi mímu, ẹ má sì lọ òkúta kankan nínú ilé. Eruku kúọ́ọ̀sì pàápàá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe mí. Ṣé mo lè fi ẹ̀gbà ọwọ́ kírísítálì rọ́pò oògùn, ó ṣáà ń mú ọkàn mi balẹ̀?

Rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara hàn, nítorí náà bí ara yín ṣe rí kò lè sọ fún yín bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Ọkàn lè balẹ̀ kí òṣùwọ̀n sì wà ní 170 lórí 100. Tí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀gbà náà, ẹ máa wọ̀ ọ́, kí ẹ máa lo oògùn yín bí dókítà ṣe pàṣẹ, kí ẹ sì máa wọn ìfúnpá ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìjókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Dókítà tó bá rí ìwé náà ni yóò sọ bóyá ó yẹ kí ẹ dín oògùn kù.